Orísun Tí Fóònù Kò Mọ̀

Aṣọ tí kò ní àmì kì í wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fínnífínní. Ìbáà jẹ́ kóòtù ọ̀gá àgbà, ìbáà jẹ́ ṣòkòtò tí eku ti jẹ lẹ́nu, kí ó tó kan omi, ìyá yóò ti fi òwú pupa rán àmì olówó rẹ̀ sí abẹ́ ọrùn tàbí sí inú ìgbànú. Àwọn oníbàárà máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

“Ìyá Fínnífínní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán àmì sí èmi náà lọ́rùn, kí n má baà sọnù.”

“Bí o bá sọnù, ta ni yóò wá ọ wá?” ni yóò dáhùn, tí yóò sì máa tẹ àyọ́ọ̀nù lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àmì kì í ṣe àwàdà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà kan, ẹnìkan gbé kóòtù aláwọ̀ eérú wá fún un láti fọ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Bí kóòtù ṣe ń gbẹ lórí okùn ni olówó rẹ̀ gan-an ń kọjá lọ, ló bá figbe ta pé ọwọ́ òun ti tẹ olè. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ìyá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé àpò aṣọ lé orí tábìlì, ìbéèrè kan náà ló ń bá pàdé.

“Ta ló ni ín?”

“Wọ́n ní kí n gbé e wá ni, Ìyá.”

“Mi ò béèrè ẹni tó gbé e wá. Mo béèrè ẹni tó ni ín.”

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ pé ìyá yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gbé nǹkan wá àti ẹni tó ni nǹkan, irọ́ ló pa. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kàwé nípa rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn mọ̀ nídìí àyọ́ọ̀nù kì í fi ìgbà gbogbo tẹ̀lé e dé ibòmíràn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní ìlú mìíràn. Òun ló ń gba àwọn aláìsàn wọlé, òun náà ló ń kọ̀wé sí wọn lórí fóònù rẹ̀ láti rán wọn létí ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà. Ibẹ̀ ló ti bá ọkọ rẹ̀ pàdé, awakọ̀ akẹ́rù kan tí eyín ń dùn. Ọkùnrin náà kò mọ bàbá rẹ̀, kò sì mọ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí kò bí i ló ti dàgbà, láti ilé kan sí òmíràn, bí ẹrù tí kò sí ẹni tó wá gbà á.

Lọ́jọ́ tó wá kí ìyá ìyàwó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí òun fúnra rẹ̀ lọ̀. Ìyá wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó rí i pé kò gún régé. Ó wá béèrè ibi tó ti wá. Ọkùnrin náà sọ òtítọ́. Níwájú rẹ̀, níwájú ọmọ, níwájú àbúrò ìyá tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí, ìyá la ẹnu, ó ní:

“Ọkùnrin tí a kò mọ orísun rẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ nínú ilé mi.”

Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Ọmọ dìde, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ. Ìgbà òjò wá, ó lọ, òmíràn dé. Ìyá kò pè, ọmọ náà kò pè. Igi kì í dá lóko kó pa ará ilé, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ń pani láti ọ̀nà jíjìn.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ohùn ọmọ dé lórí Wasáàpù, ohùn tí ó gbà sílẹ̀ tí ó sì fi ránṣẹ́. Ìyá gbé fóònù sétí nínú ooru àyọ́ọ̀nù.

“Màmá, èmi ni. Mo ti lóyún. Mo… ẹ ṣáà wò ó, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tuntun. Tí mo bá bí, ṣé ẹ lè wá bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀? Ọkọ mi ní kò burú. Ó ní òun ò ní bá àgbàlagbà jà nínú ilé òun.”

Ìyá tún un gbọ́, ó tún tún un gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ló ra àpótí. Ó rán aṣọ ọmọ jòjòló mẹ́fà, ó fọ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sínú àpótí. Àwọn nìkan ni aṣọ tí kò rán àmì sí. “A ò tíì mọ orúkọ ẹ̀,” ló sọ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. “Tí mo bá ti débẹ̀, tí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórúkọ, ibẹ̀ ni mo ti máa rán an. Mo ti mú òwú pupa dání.”

Àpótí náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọjọ́ ìbímọ kù díẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn ní ọ̀sán tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé lórí Wasáàpù láti ọ̀dọ̀ àbúrò. Ìyá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. Ohun tó wà lójú fóònù ni pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé ìpè ìgbéyàwó yìí.” Fáìlì kan wà lábẹ́ rẹ̀. Àkọ́bí àbúrò ti tó ìyàwó í fẹ́, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Ìyá fi ìka tẹ fáìlì.

Fóònù kọ̀. Àpótí ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀: *Fún ààbò rẹ, fóònù yìí kò gbà kí á fi áàpù tí a kò mọ orísun rẹ̀ sórí rẹ̀ láti ibí yìí.*

Ìyá kà á. Inú bí i, gẹ́gẹ́ bí inú ṣe ń bí ènìyàn nígbà tí aṣọ́nà bá dá ìbátan rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì.

“Ta ni o kò mọ orísun rẹ̀? Àbúrò mi? Ọmọ ìyá mi tí mo pọ̀n sẹ́yìn kí wọ́n tó fi irin rọ ìwọ yìí?”

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yí. Ìyá rò pé fóònù ń sọ pé òun kò mọ ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́. Fóònù kò sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ní àbúrò. Ohun tó ń sọ ni pé ìwé ìpè náà kì í ṣe ìwé rárá, áàpù ni. Pé kò gba ilé ìtajà áàpù tí wọ́n ti ń yẹ áàpù wò wọlé. Pé kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí ẹni tó ṣe é. Àbúrò ló gbé e wá. Ta ló ni ín? Ìbéèrè tí ìyá ń béèrè lójoojúmọ́ ni fóònù ń bi í, kò sì dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀.

Ìlà méjì ló wà nísàlẹ̀: *Fagilé* àti *Ètò*. Bó bá tẹ *Fagilé*, ọ̀rọ̀ parí. Ó tẹ *Ètò*. Ó rí ibi tí wọ́n kọ *Gbà láàyè láti orísun yìí* sí, ó fà á sí apá ọ̀tún. Fóònù tún pariwo lẹ́ẹ̀kejì, tòun ti àmì pupa, pé áàpù yìí lè ṣe ìpalára, pé òun ti dá a dúró. Ìyá wá ibi tí lẹ́tà ti kéré jù lọ, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a fi sí i bẹ́ẹ̀ náà. Ó tẹ̀ ẹ́.

Áàpù ṣí. Ó ní kí ìyá gba òun láàyè láti máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ìyá gbà. Láti rí nọ́ńbà gbogbo ènìyàn tó mọ̀. Ìyá gbà. Ó wá béèrè àṣẹ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò ríran dáadáa, èyí tí áàpù bá gbà tí yóò fi lè máa ka ohun tó wà lójú fóònù, tí yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ní ọwọ́. Ìyá gbà. Ìwé ìpè wo ló ń béèrè irú èyí lọ́wọ́ àlejò? Ìyá kò béèrè. Ó rò pé ayé tuntun ni.

Ojú fóònù funfun báláú fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sí bó ṣe wà. Kò sí ìwé ìpè. Kò sí àmì áàpù níbì kankan mọ́.

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì,” ni ìyá wí.

Òórùn ló jí i. Àyọ́ọ̀nù ti jókòó lé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, ó ti jó o pọ́n. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìyá mú ìyẹn gẹ́gẹ́ bí aburú ọjọ́ náà, ó sì rò pé ó ti tán.

Lọ́jọ́ kejì, kí ó tó kó aṣọ sórí okùn tán, tíṣà kan tí ń gbé lókè pópó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Ìyá Fínnífínní, ẹ kú ìnáwó o! Ẹ fẹ́ jẹ ìrẹsì dá wa ni?”

“Ìnáwó kí ni?”

“Ìgbéyàwó tí ẹ fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Fóònù mi ni ò gbà kí n ṣí i. Ó ní òun ò mọ orísun ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, Ìyá Fínnífínní tí gbogbo àdúgbò mọ̀? Ẹ bá mi ṣí i.”

Ó na fóònù. Orúkọ ìyá ló wà lókè, àwòrán ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti gèlè. Lábẹ́ rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé ìpè ìgbéyàwó yìí.”

“Èmi kọ́,” ni ìyá wí.

“Ẹ̀yin kọ́ báwo? Ojú yín kọ́ nìyí?”

“Pa á rẹ́. Mo ní kí o pa á rẹ́, má tẹ nǹkan kan!”

Ìyá sáré gbé fóònù tirẹ̀. Wasáàpù ti lé e jáde. Ó ní wọ́n ti ń lo nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù mìíràn. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó ń retí kóòdù. Kóòdù kò dé. Ó dé, ní tòótọ́, ṣùgbọ́n áàpù tó fi ara pamọ́ ló kọ́kọ́ kà á, ó sì gbé e mì kí ìyá tó rí i. Ó pe àbúrò rẹ̀.

“Ìgbéyàwó wo, Ẹ̀gbọ́n mi?” Ohùn àbúrò ti rọ̀. “Ọmọ mi ò tíì ní àfẹ́sọ́nà. Wọ́n ti gba Wasáàpù mi láti ọjọ́ mélòó kan.”

“O mọ̀? O mọ̀, o ò pè mí?”

“Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé ẹ máa ní mo gọ̀.”

Ìyá bú u, ó bú u dáadáa, ó pa fóònù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyá tó bú àbúrò rẹ̀ yìí ṣe. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà ọmọ òun wà nínú fóònù náà. Ó mọ nọ́ńbà ọ̀hún lórí. Ìpè kan ṣoṣo ló kù. Ó gba fóònù lọ́wọ́ tíṣà, ó tẹ nọ́ńbà náà dé ìdajì, ó pa á rẹ́. Kí ni yóò wí? Pé òun tí òun kò gba ènìyàn wọlé torí orísun, òun ti fi ọwọ́ ara òun ṣílẹ̀kùn fún olè? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún un ṣe ná, ló wí nínú ara rẹ̀. Tí ó bá ti tún, kò sí ohun tí ọmọ máa gbọ́.

Ìtìjú ni ẹṣin tí irú áàpù yìí ń gùn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá pariwo, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì.

Onífóònù tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì pópó, tí ìyá sáré gbé e lọ bá, kò tíì tó ọmọ ìyá lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ti arúgbó nídìí tábìlì kótópó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa dátà, ó yọ síìmù. Lẹ́yìn náà ló bi í:

“Màmá, ẹ ti pe àwọn ènìyàn yín?”

“Tún un ṣe ná.”

“Ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ wà lórí fóònù olè báyìí, ẹ ń bá gbogbo ẹni tó mọ̀ yín sọ̀rọ̀. Ẹ pè wọ́n ná. Fóònù mi nìyí. Kí ẹ sì pe báǹkì yín láti orí ẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì pa.”

Ìyá pe báǹkì. Ó pe oníbàárà kan, ó pe òmíràn. Kò pe ọmọ.

Onífóònù tan fóònù ní ọ̀nà kan tí áàpù tí a fi kún un kò fi ní lè jí. Ó wá a títí, ó rí i. Kò ní àwòrán, orúkọ tó sì fún ara rẹ̀ ni “Ètò Fóònù”, bí ẹni pé ọmọ ilé ni. Ó gba gbogbo àṣẹ tí ìyá fún un padà, torí kì í gbà kí wọ́n yọ òun bí àṣẹ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ́.

“Ó tán?”

“Mi ò lè búra. Mo máa kó fọ́tò àti ohùn inú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, màá wá fọ gbogbo fóònù nù pátápátá bí ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹ sì máa yí gbogbo páswọ́ọ̀dù yín padà, kì í ṣe lórí èyí o, lórí fóònù tó mọ́.” Ó gbé ojú sókè. “Ṣé ó kìlọ̀ fún yín kó tó wọlé?”

“Ó ní òun ò mọ orísun ẹ̀. Èmi sì mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ni.”

“Màmá, tí èmi bá gbé aṣọ wá fún yín, ṣé tèmi ni?”

Ìyá na ọwọ́, ó gba fóònù onífóònù, ó tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Bí ìyá ṣe ní òun ni, ẹkún ló kọ́kọ́ wọlé.

“Màmá, mo ti ṣí i.”

“Ìgbà wo?”

“Láàárọ̀, níbi iṣẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ‘ẹ jọ̀ọ́’. Mo ní, Màmá mi, ‘ẹ jọ̀ọ́’, sí èmi? Mo tiẹ̀ rò pé ẹ̀ ń bẹ̀ mí ni. Fóònù mi sọ pé kí n má gbà á. Mo gbà á nítorí yín.”

Gbogbo aláìsàn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ọmọ náà ló ti rí ìwé ìpè gbà lórúkọ ilé ìtọ́jú eyín. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣí i. Kí ọ̀sán tó pọ́n, dókítà ti ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, tòun ti oyún.

“Ìgbà wo lẹ mọ̀, Màmá?”

Ìyá lè pa irọ́. Kò pa á. “Láàárọ̀.”

“Láàárọ̀ ìgbà wo?”

“Kí n tó wá sọ́dọ̀ onífóònù.”

Ìró kan dún, ohùn ọkọ ọmọ rọ́pò tirẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wakọ̀ lórí afárá tóóró.

“Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.”

“Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́…”

“A ti yọ síìmù ẹ̀ sínú fóònù mi, a sì ti gbé fóònù ẹ̀ fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́ nù. A ti pe báǹkì. Ìyẹn ti tán.” Ó mí. “Ẹ ní ẹ ò mọ orísun mi. Mi ò bá yín jiyàn lọ́jọ́ náà, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ ilé mi lónìí, èmi mọ ibi tó ti wá. Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ ká sinmi.”

Onífóònù ti yí ojú sí ògiri.

Kóòdù Wasáàpù tuntun dé sórí fóònù kékeré tí onífóònù fi síìmù sí. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, olè bọ́ sóde. Ṣùgbọ́n ó ti fi nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí ó tó lọ, ó sì di dandan kí ìyá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó lè wọlé. Nígbà tó wọlé, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Àmì kan ṣoṣo ló hàn lábẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣùgbọ́n kò dé. Kò di méjì lọ́jọ́ náà. Kò di méjì títí di òní.

Ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Àwọn kan ń béèrè ìrẹsì ìgbéyàwó. Ẹni tí ìwé ìpè ṣe ní jàǹbá kò ṣàwàdà; ó kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn. Ìyá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró: bí fóònù bá ní òun kò mọ orísun nǹkan, ẹ fagilé e, ẹ fi ẹnu ara yín pe ẹni tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ń mi orí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan mi orí fún un títí, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní, “Àmọ́ èyí yàtọ̀, pásítọ̀ wa ló fi ránṣẹ́,” ó sì tẹ *Ètò* níwájú rẹ̀. Kí ìyá tó yí tábìlì ká láti dì í lọ́wọ́ mú, obìnrin náà ti dé ojú pópó, ó ń fa nǹkan kékeré kan sí apá ọ̀tún.

Ẹnu àbúrò ló ti gbọ́ pé ọmọ ti bímọ. Obìnrin ni, wọ́n ní ó rí rọ̀bọ̀tọ̀. Orúkọ ńkọ́? Àbúrò kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò sọ ọ́ fún un.

Bí aṣọ bá pẹ́ nínú àpótí, yóò hunjọ. Nítorí náà, ìyá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, ó tún wọ́n lọ̀, ó fi wọ́n kọ́ sórí irin láàárín aṣọ oníbàárà. Tíṣà wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó rí wọn, ó fi ìka gbé ọrùn ọ̀kan sókè.

“Ìyá Fínnífínní, èyí ò ní àmì. Ta ló ni ín?”

Ìyá wo òwú pupa tó wà lórí tábìlì. Ó na ṣòkòtò tíṣà sí i.

“Gba èyí, ó ti gbẹ,” ló wí.